Nọ́ńbà Ara Géèjì Táyà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ìgbóná, Ìtẹ̀ àti Eré Mólékúlù

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo ti ń gbọ́ léraléra láti ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní fíṣíìsì ní Yábàá, àti láti ẹnu àwọn awakọ̀ tó máa ń dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí kíláàsì wa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun kan náà ni ìhà méjèèjì ń béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ ń bi mí ní ìdí tí lẹ́tà T fi wà nínú PV = nRT, awakọ̀ sì ń bi fọkanáísà ní ìdí tí táyà tó géèjì sí 32 láàárọ̀ fi di 37 lọ́sàn-án. Táyà yẹn ni mo fi dáhùn gbogbo rẹ̀.

Kí ló mú kí 32 àárọ̀ di 37 ọ̀sán, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fi afẹ́fẹ́ kún táyà náà?

Iye afẹ́fẹ́ inú táyà kò yí padà, ìgbóná rẹ̀ ló yí padà. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ kékeré kan tí awakọ̀ rẹ̀ géèjì táyà ní àárọ̀ kùtùkùtù ní Yábàá, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú táyà wà ní 27°C, tí géèjì sì ka 32 PSI. Ó wá ná Bẹ́gà sí Ọbáléńdé lẹ́ẹ̀mejì, ó gba orí Afárá Táàdì Méńlándì lọ, ó sì gba ibẹ̀ bọ̀, oòrùn ń pa ọ̀dà títì, rọ́bà táyà ń tẹ̀ ó sì ń nà bó ṣe ń yí, títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi gbóná dé 60°C. Nígbà tó tún géèjì rẹ̀, ó bá 37.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n rò pé géèjì ń ka bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Géèjì kò mọ iye. Ohun tó ń kà ni bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń tẹ ara ògiri tó yí i ká, èyí tí mo ń pè ní ìtẹ̀ nínú gbogbo ìdáhùn yìí. Afẹ́fẹ́ tí kò pọ̀ sí i lè tẹ ògiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ó bá ti gbóná sí i.

Kí ni PV = nRT ń wí gan-an?

Ó ń wí pé ohun mẹ́rin tí a lè mọ̀ nípa gáàsì kan so mọ́ ara wọn, tí ẹ̀yin bá sì ti mọ mẹ́ta, ẹ ti mọ ìkẹrin. P ni ìtẹ̀, V ni àyè tí gáàsì náà gbà, n ni iye rẹ̀ tí a fi móòlù kà, T sì ni ìwọ̀n ìgbóná lórí òṣùwọ̀n Kẹ́lífìn. R kì í yí padà: 8.314 ni, bí a bá fi Páskàlì wọn ìtẹ̀, tí a sì fi mítà onígun mẹ́ta wọn àyè.

Ẹ jẹ́ kí a fi táyà wa dán an wò. Ká ní àyè inú rẹ̀ jẹ́ lítà 25. Ìtẹ̀ inú rẹ̀ láàárọ̀, bí a bá kà á láti òdo gidi (mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òdo yìí), jẹ́ nǹkan bí 322,000 Páskàlì, ìgbóná rẹ̀ sì jẹ́ 300 K.

```
n = PV ÷ RT
n = (322000 × 0.025) ÷ (8.314 × 300)
n = 3.2 mol
```

Móòlù afẹ́fẹ́ kan wúwo tó gíráàmù 29, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú táyà yẹn kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 94 lọ. Táyà mẹ́rin tó gbé odindi ọkọ̀ dúró pẹ̀lú èrò inú rẹ̀ kò ní afẹ́fẹ́ tó wúwo tó ìlàjì kìlógíráàmù nínú! Ẹ kò lè lóye bí ohun fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gbé ẹrù títí ẹ ó fi mọ bó ṣe ń sáré tó.

Kí ló dé tí ìṣirò mi kò bá ti géèjì mu? Mo pín 60 sí 27, mo sì rí i pé táyà yẹ kó di 71.

Nínú gbogbo ìwé ìdánwò tí mo ti yẹ̀ wò, ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣubú jù, ọ̀nà méjì sì ni wọ́n ń gbà ṣubú.

Àkọ́kọ́ ni òdo ìgbóná. Òdo Sẹ́lísíọ́sì kì í ṣe ibi tí ìgbóná ti tán, ibi tí omi ti ń di yìnyín ni. Bí a bá ti gáàsì mọ́ inú ìgò tí kì í fẹ̀, tí a ń mú un tutù díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń fi ilà ya bí ìtẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dínkù sórí ìwé, ilà náà yóò máa lọ sílẹ̀ tààrà, ó sì ń darí sí ibi kan náà fún gbogbo gáàsì tí a bá dán wò: nǹkan bí −273°C. Gáàsì gidi yóò ti di olómi kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilà náà ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ ni òdo Kẹ́lífìn wà. Nítorí náà, láti 27 sí 60 kì í ṣe pé ìgbóná ju ìlọ́po méjì lọ; láti 300 sí 333 ni, èyí tí kò ju ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Èkejì ni òdo géèjì. Táyà tó ti rọ̀ pátápátá ṣì ní afẹ́fẹ́ nínú, bẹ́ẹ̀ ni géèjì yóò sì ka òdo, nítorí pé afẹ́fẹ́ òde ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà nínú ṣe ń tì í láti inú. Ohun tí géèjì ń kà ni bí tinú ṣe fi ju tìta lọ. Èkó wà létí òkun, afẹ́fẹ́ òde ibẹ̀ sì ń tẹ gbogbo nǹkan pẹ̀lú nǹkan bí 14.7 PSI. Ẹ fi èyí kún ohun tí géèjì kà kí ẹ tó ṣe ìṣirò, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá parí.

```
32 + 14.7 = 46.7 PSI
46.7 × 333 ÷ 300 = 51.8 PSI
51.8 − 14.7 = 37.1 PSI
```

Ẹni tó gbàgbé 14.7 yóò rí 35.5. Kò jìnnà púpọ̀ sí òtítọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kò fi mọ̀ pé àwọn ṣì í. Mo fi í sílẹ̀ pé àyè inú táyà kò yí padà, nítorí pé okùn irin tí wọ́n hun mọ́ inú rọ́bà kì í jẹ́ kó fẹ̀ lọ títí.

Mo ti gbà pé ìgbóná ń mú ìtẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ni mólékúlù ń ṣe nínú táyà tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ń sáré, wọ́n sì ń kọlu ògiri. Kò sí ohun mìíràn nínú ìtẹ̀ gáàsì ju ìkọlù náà lọ. Daniel Bernoulli ti gbé èrò yìí kalẹ̀ ní ọdún 1738, ṣùgbọ́n ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn onímọ̀ tó gbà á.

Ẹ ronú mólékúlù kan ṣoṣo nínú àpótí kan. Ó ń lọ láti ògiri kan sí èkejì, ó ń kọlù ú, ó ń ta padà, ó sì tún ń bọ̀. Ká ní ìwúwo rẹ̀ jẹ́ m, eré rẹ̀ jẹ́ v, gígùn àpótí náà sì jẹ́ L. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kọlu ògiri, ó ń yí ojú eré rẹ̀ padà sí òdìkejì, ipá tó sì fún ògiri nínú ìkọlù kan ṣoṣo yẹn jẹ́ 2mv. Lẹ́yìn náà ó ní láti lọ, kó sì bọ̀, kó tó tún kọlu ògiri kan náà, ìrìn náà jẹ́ 2L, ó sì ń gbà á ní àkókò 2L ÷ v. Bí a bá pín 2mv sí 2L ÷ v, ohun tí a ó rí ni mv² ÷ L.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí v² yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Eré wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan nítorí pé mólékúlù tó yára ń gbá ògiri kíkankíkan ju èyí tó rọra ń lọ. Ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé èyí tó yára tètè ń padà wá, ó sì ń gbá ògiri lemọ́lemọ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìkọlù kọ̀ọ̀kan yóò le ní ìlọ́po méjì, iye ìkọlù náà yóò sì di ìlọ́po méjì, nítorí náà ìtẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Nínú táyà, mólékúlù kì í lọ sí apá kan ṣoṣo. Wọ́n ń lọ síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára eré wọn ló sì ń bá ògiri kọ̀ọ̀kan jà. Bí a bá ka gbogbo mólékúlù pọ̀, tí N sì dúró fún iye wọn, a ó ní:

```
PV = N m v² ÷ 3
```

Àròpín v² gbogbo wọn ni v² tó wà níbẹ̀. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ PV = nRT. Apá òsì wọn kan náà ni, nítorí náà apá ọ̀tún wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba: N m v² ÷ 3 jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú nRT. Ohun tí géèjì àti tẹmómítà ń wọ̀n láti òde ti bá ohun tí mólékúlù ń ṣe nínú pàdé. T tí tẹmómítà ń kà kì í ṣe nǹkan mìíràn nínú gáàsì ju àròpín agbára eré mólékúlù lọ. Ìgbóná kì í ṣe nǹkan tí a dà sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni da omi sínú koto. Sísáré mólékúlù fúnra rẹ̀ ni.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń sáré tó?

Láti inú ìdọ́gba òkè yẹn, v² jẹ́ 3RT ÷ M, níbi tí M ti jẹ́ ìwúwo móòlù kan ní kìlógíráàmù. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, móòlù rẹ̀ sì wúwo tó 0.028 kìlógíráàmù.

```
v = √(3 × 8.314 × 300 ÷ 0.028) = 517 m/s
v = √(3 × 8.314 × 333 ÷ 0.028) = 545 m/s
```

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àárọ̀, èkejì jẹ́ ti ọ̀sán. Eré àárọ̀ yẹn tó 1,860 kìlómítà ní wákàtí kan. Afárá Táàdì Méńlándì gùn tó kìlómítà 11.8, mólékúlù tí kò bá rí ohun tó dí i lọ́nà yóò gbà á já láàárín ìṣẹ́jú àáyá 23. Ẹ ò rí bí ti àwa tí gosiló ń dá dúró ní Adékúnlé ṣe rí.

Ẹ wò ó pé ìtẹ̀ fi ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n eré kò fi ju ìdá márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti lóye v² kò ní bèèrè ìdí: 1.054 tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ yóò fún wa ní 1.11.

Ọ́síjìn tó wà nínú táyà kan náà, ní ìgbóná kan náà, kò yára tó náítírójìn. Móòlù rẹ̀ wúwo tó 0.032 kìlógíráàmù, eré rẹ̀ láàárọ̀ sì jẹ́ 484 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àròpín agbára eré wọn ló dọ́gba, kì í ṣe eré wọn. Èyí tó wúwo ń rọra lọ, èyí tó fúyẹ́ ń yára, ìkọlù àwọn méjèèjì sì ń já sí ọ̀kan náà lára ògiri.

Ṣé eré kan náà ni gbogbo mólékúlù náítírójìn inú táyà ń sá?

Rárá. 517 yẹn jẹ́ irú àròpín kan. Wọ́n ń kọlu ara wọn láìsinmi, èyí tó yára ní ìsinsìnyí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lẹ́yìn ìkọlù tó tẹ̀ lé e. James Clerk Maxwell ló fi ìṣirò hàn bí eré wọn ṣe pín, ní ọdún 1860. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè sọ̀rọ̀ nípa ìgbóná mólékúlù kan ṣoṣo: ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ìgbóná jẹ́.

Bí mólékúlù bá yára tó báyìí, èéṣe tí òórùn àkàrà láti ìta kì í fi dé imú mi lójú ẹsẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni, àwọn onímọ̀ náà sì fi da Rudolf Clausius, onímọ̀ fíṣíìsì ará Jámánì, láàmú nígbà tó ń gbèjà èrò yìí. Ìdáhùn tó fún wọn ní ọdún 1858 ni pé mólékúlù kì í rìn jìnnà kí ó tó kọlu òmíràn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán bíi ti inú yàrá, ìrìn tí mólékúlù ń rìn láàárín ìkọlù méjì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mítà lọ, ó sì ń kọlu àwọn yòókù ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méje ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá gba àárín ọjà Balógun kọjá ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì mọ̀ bó ṣe rí: ẹsẹ̀ ń yára, ṣùgbọ́n ènìyàn kò kúrò lójú kan. Bí òórùn àkàrà bá tètè dé, ìfẹ́ atẹ́gùn ló gbé e wá, kì í ṣe eré mólékúlù.

Nínú táyà tí mólékúlù ti fún ju ti òde lọ, ìrìn wọn tilẹ̀ kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kò ba ìṣirò àpótí wa jẹ́, nítorí pé bí mólékúlù kan bá kọlu òmíràn lójú ọ̀nà, ipá tó gbé ń bọ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ èkejì, ẹlòmíràn yóò sì bá a jẹ́ iṣẹ́ náà dé ògiri.

Ibo ni eré tó pọ̀ sí i náà ti wá?

Láti ara rọ́bà ni. Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ń tẹ̀ pẹrẹsẹ, ó sì ń nà padà bó bá ti kúrò nílẹ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà kì í dá gbogbo agbára tó gbà padà, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di gbígbọ̀n àwọn mólékúlù rọ́bà fúnra wọn. Mólékúlù afẹ́fẹ́ tó bá kọlu rọ́bà tó ń gbọ̀n jìgìjìgì báyìí, eré tó máa bá kúrò níbẹ̀ yóò pọ̀ ju èyí tó bá wá lọ. Lẹ́yìn ìkọlù tí kò lóǹkà, gbogbo wọn ti pín in.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹ lè fi ọwọ́ kàn. Nígbà tí fọkanáísà bá ń fẹ́ táyà, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: ó gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò dáná sí i. Pístìnì inú rẹ̀ ń sáré bọ̀ wá pàdé mólékúlù, mólékúlù tó bá sì kọlu ohun tó ń bọ̀ yóò ta padà pẹ̀lú eré tó ju ti tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ bá pàdé. Nítorí náà, táyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tán lè ní afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀ nínú, kí géèjì rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá tutù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Nígbà tí táyà ti gbóná di 37, ṣé kí n yọ afẹ́fẹ́ kó padà sí 32?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí awakọ̀ tó ń pàṣẹ fún fọkanáísà pé, “Bàbá, ẹ bá mi dín in kù, ó ti pọ̀ jù,” tí bàbá náà sì ń sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó tutù ná.” Bàbá yẹn ló jàre, ìṣirò rẹ̀ nìyí.

Bí ẹ bá yọ afẹ́fẹ́ títí géèjì fi ka 32 nígbà tí táyà wà ní 60°C, ìtẹ̀ gidi inú rẹ̀ ti di 46.7 PSI ní 333 K. Ọkọ̀ sùn mọ́jú, táyà padà sí 300 K.

```
46.7 × 300 ÷ 333 = 42.1 PSI
42.1 − 14.7 = 27.4 PSI
```

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó gbé ọkọ̀ jáde pẹ̀lú 27 dípò 32. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mólékúlù inú táyà ni ẹ ti tú jáde. Táyà tó rọ̀ ń tẹ̀ ju èyí tó le lọ nígbàkígbà tó bá kan ilẹ̀, èyí tó bá ń tẹ̀ jù ń gbóná jù, bẹ́ẹ̀ ni yóò tún gòkè lórí géèjì lọ́sàn-án. Ẹni tó bá tún yọ ọ́ kù ti fi ara rẹ̀ sínú òbìrí tí òpin rẹ̀ jẹ́ kí ògiri táyà gbóná títí yóò fi ya. Ọ̀pọ̀ táyà tó bẹ́ lójú títì tí awakọ̀ ń sọ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè jẹ́ pé kò tó ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ jẹ́ ti táyà tutù. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ti mọ̀ pé yóò gòkè bó bá gbóná, ó sì ti fi àyè sílẹ̀ fún un.

Wọ́n ní bí mo bá fi náítírójìn sí táyà, kò ní máa gòkè mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Kò sí gáàsì tó bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí ní irú ìtẹ̀ tó wà nínú táyà. Nínú PV = nRT, kò síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ gáàsì. Bákan náà, ìdá méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ lásán jẹ́ náítírójìn tẹ́lẹ̀. Náítírójìn tó gbẹ yóò gòkè láti 32 dé 37.1, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ tó gbẹ.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni *gbẹ*. Afẹ́fẹ́ Èkó kún fún ọ̀rinrin, nígbà tí ẹ̀rọ bá sì fún un pọ̀, omi máa ń sẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì rẹ̀. Bí fọkanáísà kò bá ń tú omi yẹn dànù, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ wọ táyà. Omi yìí kò tẹ̀ lé ìṣirò wa, nítorí pé n kò dúró lójú kan mọ́: bí táyà ṣe ń gbóná, mólékúlù omi tó yára jù ń já ara wọn gbà kúrò lójú omi, wọ́n sì ń di gáàsì. Ní 27°C, omi tó bá di gáàsì báyìí kò lè tẹ ògiri ju nǹkan bí 0.5 PSI lọ. Ní 60°C, ó lè tó 2.9 PSI. Ìyókù afẹ́fẹ́, tó jẹ́ 46.2 láàárọ̀, yóò di 51.3. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 54.2, géèjì yóò sì ka 39.5 dípò 37.1. Omi tó lè ṣe èyí nínú táyà oní-lítà 25 kò ju nǹkan bí ìlàjì ṣíbí tíì lọ.

Èyí ni ẹ lè fi mọ̀. Bí táyà yín bá ń fi PSI méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ohun tí ìṣirò sọ, tó sì dá yín lójú pé ìgbóná tí ẹ wọ̀n tọ̀nà, ẹ fura sí omi. Afẹ́fẹ́ láti inú táǹkì tí wọ́n ń tú omi rẹ̀ dànù láràárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó náítírójìn tí ẹ ń san owó gọbọi lé lórí.

Ṣé mo lè fi òfin yìí mọ iye gáàsì ìdáná tó ṣẹ́ kù nínú sílíńdà mi?

Ẹ kò lè ṣe é. Olómi ni ohun tó pọ̀ jù nínú sílíńdà, díẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ nìkan ni gáàsì. Bí ẹ ti ń lo ti òkè, ti ìsàlẹ̀ ń hó, ó sì ń dípò rẹ̀, ìtẹ̀ náà ń tẹ̀ lé ìgbóná nìkan. Géèjì ara sílíńdà oníkìlógíráàmù 12.5 lè dúró sójú kan láti ìgbà tó kún títí yóò fi ku ìkán olómi tó kẹ́yìn. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ìwúwo kì í parọ́.

Ìgbà wo ni PV = nRT fúnra rẹ̀ ń ṣì wá lọ́nà?

Ìgbà tí mólékúlù bá fún mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àyè tí àwọn fúnra wọn gbà fi di nǹkan tí a gbọ́dọ̀ kà, tàbí tí wọ́n bá tutù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fa ara wọn mọ́ra. Nínú táyà, àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Géèjì ìsọ̀ fọkanáísà lè ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo géèjì táyà sí 32 ní Èkó, mo sì wakọ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì. Kí ni kí n retí láàárọ̀ ọjọ́ kejì?

Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ òde ibẹ̀ sì fúyẹ́, nǹkan bí 12.8 PSI ló ń tẹ̀ dípò 14.7. Géèjì ń yọ ti òde kúrò, nítorí náà èyí nìkan yóò gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ká ní òwúrọ̀ náà tutù dé 17°C, èyíinì ni 290 K: 46.7 nígbà 290, kí a pín in sí 300, yóò fún wa ní 45.1, bí a bá sì yọ 12.8 kúrò, ó ku 32.3. Ìtẹ̀ inú ti dínkù, eré mólékúlù náítírójìn ti rẹlẹ̀ láti 517 sí 508, tìta náà ti dínkù, géèjì sì ṣì ń ka 32 bí ẹni pé ọkọ̀ kò kúrò ní Yábàá.